Nọ́ńbà Ara Àpò Sìmẹ́ǹtì: Èwo Ni Ti Òpó, Èwo Ni Ti Búlọ́ọ̀kù, Èwo Ni Ti Rírẹ́ Ògiri?

Bí ènìyàn bá wọ ìsọ̀ àwọn tó ń ta sìmẹ́ǹtì ní Olódì-Àpápá, yóò rí àpò tí wọ́n tò léra wọn dé òkè àjà. Kílò 50 ni ìwọ̀n ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwọ̀ eérú sì ni ìyẹ̀fun inú gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n bí ó bá tẹjú mọ́ ara àpò náà, yóò rí i pé nọ́ńbà tí a tẹ̀ sí ara wọn kò dọ́gba: 32.5 ni ti àwọn kan, 42.5 sì ni ti àwọn mìíràn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kì í wo nọ́ńbà yìí rárá. Àwòrán ara àpò ni wọ́n ń wò, tàbí kí wọ́n kàn mú èyí tí owó rẹ̀ fi díẹ̀ dín. Bẹ́ẹ̀ ni nọ́ńbà yìí sì ni ó yẹ kí ènìyàn kọ́kọ́ bèèrè, nítorí sìmẹ́ǹtì tó dára fún rírẹ́ ògiri lè má tó láti gbé òpó ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì dúró.

Nínú àlàyé yìí, a ó sọ ohun tí nọ́ńbà náà túmọ̀ sí, a ó sọ iṣẹ́ tí ó tọ́ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, a ó sì fi òpó kan ṣe ìṣirò, kí ó lè hàn gbangba pé bí omi bá pọ̀ jù, sìmẹ́ǹtì tó lágbára pàápàá yóò di aláìlágbára.

OHUN TÍ NỌ́ŃBÀ NÁÀ TÚMỌ̀ SÍ

Ní ilé àyẹ̀wò, àwọn onímọ̀ a máa mú sìmẹ́ǹtì ìdá 1, iyanrìn ìdá 3 àti omi tí ìwúwo rẹ̀ jẹ́ ààbọ̀ ìwúwo sìmẹ́ǹtì náà. Wọ́n a pò ó pọ̀, wọ́n a dà á sínú irin tí a fi ń ṣe ọpọ́n kékeré, wọ́n a sì fi í sínú omi fún ọjọ́ 28. Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò gbé e sí abẹ́ ẹ̀rọ tí yóò máa tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi fọ́. Agbára tí ó lè gbà kí ó tó fọ́ ni nọ́ńbà ara àpò ń sọ fún wa.

Kí ó lè yé wa dáradára, ẹ jẹ́ kí a wo ibi kékeré kan tí ó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 1 níbùú àti lóròó, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó èékánná àtàǹpàkò. Bí a bá lo sìmẹ́ǹtì 32.5 fún ìdánwò náà, ibi kékeré yìí gbọ́dọ̀ lè gbé ẹrù tó tó àpò sìmẹ́ǹtì 6 àti ààbọ̀ láìfọ́. Bí ó bá jẹ́ 42.5, yóò gbé àpò 8 àti ààbọ̀. Ìkẹta wà, èyí tí í ṣe 52.5, tí yóò gbé àpò 10 àti ààbọ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ńláńlá bí afárá ni a ń lò ó fún, kò sì wọ́pọ̀ ní ìsọ̀.

Lẹ́yìn nọ́ńbà náà, ènìyàn a tún máa rí lẹ́tà N tàbí R. N fi hàn pé sìmẹ́ǹtì náà ń gba agbára ní ìwọ̀nba bí ti àtẹ̀yìnwá. R fi hàn pé ó ń tètè gba agbára láàárín ọjọ́ méjì àkọ́kọ́. Kò túmọ̀ sí pé agbára rẹ̀ ní ọjọ́ 28 gbọ́dọ̀ ju ti N lọ.

OHUN TÓ FA ÌYÀTỌ̀ NÁÀ

Láti ọdún 1960 ni a ti ń ṣe sìmẹ́ǹtì ní Ewékorò, ní ọ̀nà Abẹ́òkúta, nítorí òkúta ẹfun tó pọ̀ nínú ilẹ̀ ibẹ̀. Òkúta ẹfun yìí àti amọ̀ ni a ń lọ̀ pọ̀, tí a sì ń sun nínú iná tí ooru rẹ̀ ga tó 1,450 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì. Ohun tó ń jáde láti inú iná náà dà bí òkúta wẹ́wẹ́ dúdú. Kílínkà ni wọ́n ń pè é. Kílínkà ni ó ń mú kí sìmẹ́ǹtì di líle nígbà tí omi bá kàn án. Wọ́n a tún fi jípọ́sọ̀mù díẹ̀ sí i kí ó má baà tètè gan kí òṣìṣẹ́ tó parí iṣẹ́ rẹ̀.

Nínú sìmẹ́ǹtì 42.5, kílínkà ni ó pọ̀ jù. Nínú ọ̀pọ̀ 32.5, a ti yọ díẹ̀ nínú kílínkà, a sì ti fi òkúta ẹfun tí a kò sun, ṣùgbọ́n tí a lọ̀ kúnná, dípò rẹ̀. Èyí kì í ṣe èrú, nítorí òfin gbà á láàyè. Òkúta ẹfun kíkúnná náà kò fi bẹ́ẹ̀ kún agbára, ṣùgbọ́n ó ń mú kí àdàlù rọ̀ lábẹ́ ọwọ́ bíríkìlà, kí ó sì di omi rẹ̀ mú. Ẹni tó bá ti rẹ́ ògiri rí yóò mọ̀ pé àǹfààní ńlá ni èyí.

ÒFIN ỌDÚN 2014

Ní ọdún 2014, nígbà tí ìdààmú bá àwọn ènìyàn nítorí ilé tó ń wó lọ́tùn-ún lósì, Àjọ Ìdíwọ̀n Ọjà ti Nàìjíríà, èyí tí a mọ̀ sí SON, pín iṣẹ́ fún àwọn sìmẹ́ǹtì náà. Ó ní kí a máa lo 32.5 fún rírẹ́ ògiri nìkan. Ó ní kí a lo 42.5 fún dída òpó, igi-àjà kọ́nkéré, dẹ́kì àti búlọ́ọ̀kù. Ó sì fi 52.5 sílẹ̀ fún afárá àti irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Kò ṣàìsí àríyànjiyàn. Àwọn kan nínú àwọn tó ń ṣe sìmẹ́ǹtì sọ pé 32.5 kò ní àléébù bí a bá pò ó bó ti tọ́. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí: ẹnjiníà tó bá fi ìwọ̀n sìmẹ́ǹtì kún un, tí ó sì dín omi kù, lè fi 32.5 ṣe kọ́nkéré tó lágbára. Ṣùgbọ́n ẹnjiníà kò sí níbi tí a ti ń kọ́ ọ̀pọ̀ ilé wa. Ojú ni bíríkìlà fi ń wọn iyanrìn, ojú náà ni ó sì fi ń wọn omi. Bí a bá fi 32.5 ṣe òpó ní ìwọ̀n kan náà tí a fi ń lo 42.5, agbára òpó náà lè dín ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin. Ibi tí àṣìṣe bá ti pọ̀ ni ó yẹ kí ènìyàn ti fi àyè sílẹ̀ fún àṣìṣe, ìdí sì nìyí tí ó fi bọ́gbọ́n mu láti mú 42.5 fún ohunkóhun tó bá ń gbé ẹrù.

ÒPÓ KAN, ÀPÒ KAN

Ẹ jẹ́ kí a mú ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì kan ní Olódì-Àpápá fi ṣe àpẹẹrẹ. Òpó ìsàlẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ ní ínǹṣì 9 sí ínǹṣì 9, ó sì ga ní ẹsẹ̀ bàtà 10. Àdàlù tí a ó lò ni sìmẹ́ǹtì ìdá 1, iyanrìn ìdá 2, òkúta wẹ́wẹ́ ìdá 4. Bí a bá ṣírò rẹ̀, a ó rí i pé òpó kan yóò gba nǹkan bí àpò sìmẹ́ǹtì 1 gééré. Nítorí náà, ẹni tó bá ní òpó 12 ní ìsàlẹ̀ ilé yóò lo nǹkan bí àpò 12. Bí ẹnikẹ́ni bá wá sọ fún un pé àpò 7 ti tó, kí ó yáa bèèrè ohun tí wọ́n fi dípò ìyókù.

Kí ìwọ̀n má baà jẹ́ ti ojú lásán, kí kàfíńtà fi pákó kan àpótí tí kò nídìí, tí inú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 35 ní gígùn, 33 ní ìbú, àti 30 ní gíga. Ohun tó ń gbà tó ìyẹ̀fun inú àpò sìmẹ́ǹtì 1. Fún àpò 1 kọ̀ọ̀kan, kí a wọn iyanrìn kún àpótí yìí lẹ́ẹ̀mejì, kí a sì wọn òkúta wẹ́wẹ́ kún un lẹ́ẹ̀mẹrin. Ṣọ́bìrì kò ṣeé fi wọn nǹkan, nítorí ohun tí lébìrà fi ń bù ní àárọ̀ kì í ṣe ohun tí yóò fi máa bù nígbà tí oòrùn bá ti pa á.

Omi wá ni ọ̀ràn tó kù. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 tí gbogbo wa mọ̀ ni ìwọ̀n tó tọ́ fún àpò 1. Bí òjò bá ti pa iyanrìn, kí ó má tó kẹ́ẹ̀gì kan, nítorí omi ti wà nínú iyanrìn náà tẹ́lẹ̀. Àdàlù yìí yóò le díẹ̀ lábẹ́ ṣọ́bìrì, lébìrà yóò sì kígbe pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n bomi díẹ̀ sí i, kò fẹ́ wọlé.” Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ilé ti ń bàjẹ́. Bí wọ́n bá fi ààbọ̀ kẹ́ẹ̀gì kún un, iṣẹ́ yóò rọrùn, àdàlù yóò máa ṣàn bí ẹ̀kọ mímu, ṣùgbọ́n agbára kọ́nkéré náà lè fẹ́rẹ̀ẹ́ dín dé ààbọ̀. Omi tí sìmẹ́ǹtì kò lò yóò gbẹ kúrò nínú òpó ní ọjọ́ iwájú, yóò sì fi ihò tíntìntín sílẹ̀ káàkiri ibi tó wà.

Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ẹni tó ra 42.5, tí ó sì jẹ́ kí wọ́n bomi bò ó báyìí, òpó rẹ̀ yóò yẹ̀ ju ti ẹni tó ra 32.5 tí ó sì wọn omi rẹ̀ dáradára. Nọ́ńbà ara àpò jẹ́ ìlérí fún ẹni tó bá pa òfin omi mọ́, kì í ṣe fún ẹni tó bá rú u. Bí àdàlù bá le jù, ohun tó yẹ ni kí a fi ọ̀pá gún un nínú pákó títí yóò fi wọ igun gbogbo. Bí a kò bá gún un, a ó rí i nígbà tí a bá tú pákó pé ara òpó dà bí afárá oyin, tí òkúta ń hàn síta. Kí a má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìrẹ́ bo irú òpó bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ẹnjiníà tó wò ó.

Lẹ́yìn tí a bá tú pákó, kí a fi àpò tútù wé òpó náà, kí a sì máa bomi rin ín fún ọjọ́ 7. Nígbà tí a ń pò ó ni omi jẹ́ ọ̀tá. Lẹ́yìn tí ó bá ti gan, omi di ọ̀rẹ́ rẹ̀.

BÚLỌ́Ọ̀KÙ

Búlọ́ọ̀kù kò nílò agbára tó tó ti òpó. Kí ló dé tí a fi ní kí a lo 42.5 fún un? Ìdí rẹ̀ ni pé sìmẹ́ǹtì inú búlọ́ọ̀kù kéré púpọ̀. Bí àdàlù bá tilẹ̀ dára, iyanrìn ìdá 6 sí 8 ni ó ń bá sìmẹ́ǹtì ìdá 1 lọ. Níwọ̀n ìgbà tí ó kéré báyìí, ó yẹ kí èyí tó wà níbẹ̀ lágbára.

Ṣùgbọ́n iye búlọ́ọ̀kù tí a rí nínú àpò 1 ń sọ òtítọ́ ju nọ́ńbà lọ. Bí iyanrìn bá jẹ́ ìdá 8, búlọ́ọ̀kù onihò ínǹṣì 9 tí a lè rí nínú àpò 1 kò ní ju nǹkan bí 20 tàbí díẹ̀ lé ní 20 lọ. Bí ẹni tó ń ṣe búlọ́ọ̀kù bá ń rí 40 nínú àpò kan, iyanrìn ni ó ń tà, kì í ṣe búlọ́ọ̀kù, ìbáà jẹ́ 42.5 ni ó lò. Ẹ fi èékánná tàbí kọ́kọ́rọ́ ha igun búlọ́ọ̀kù náà. Bí ó bá ń wó bí iyọ̀, ẹ má ṣe rà á. Ẹ gbé òmíràn sókè dé orúnkún kí ẹ sì jẹ́ kí ó já sílẹ̀ lórí iyanrìn líle. Èyí tó dára kò yẹ kí ó fọ́ túútúú. Ẹ tún bèèrè bóyá wọ́n bomi rin ín lẹ́yìn tí wọ́n yọ ọ́ nínú ẹ̀rọ, nítorí búlọ́ọ̀kù tí oòrùn gbẹ ní ọjọ́ kan náà kò ní lágbára láé.

RÍRẸ́ ÒGIRI

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí 42.5 bá lágbára jù, a jẹ́ pé yóò dára jù fún gbogbo iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìrẹ́ ara ògiri kò gbé ẹrù kankan. Ohun tí a ń fẹ́ lára rẹ̀ ni kí ó lẹ̀, kí ó tẹ́jú, kí ó má sì sán. Àdàlù tó lágbára jù a máa sún kì púpọ̀ nígbà tí ó bá ń gbẹ. Bí búlọ́ọ̀kù ẹ̀yìn rẹ̀ kò bá lágbára tó o, yóò sán, yóò sì ya kúrò lára ògiri. Ẹ fi ìka kan ògiri irú ilé bẹ́ẹ̀, ẹ ó gbọ́ ohùn bí ti ìlù, nítorí ihò ti wà láàárín ìrẹ́ àti búlọ́ọ̀kù. Òfin àtijọ́ àwọn bíríkìlà ni pé ìrẹ́ kò gbọ́dọ̀ lágbára ju ohun tí a rẹ́ ẹ mọ́ lọ.

Nítorí náà ni 32.5 ṣe yẹ fún iṣẹ́ yìí: ó rọ̀, ó di omi mú, kò sì sún kì jù. Kí a fi iyanrìn ìdá 5 sí 6 sí i fún inú ilé, àti ìdá 4 sí 5 fún ẹ̀yìn ilé tí òjò ń pa. Kí a bomi wọ́n ògiri kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí búlọ́ọ̀kù má baà fa omi inú ìrẹ́ gbẹ. Bí ènìyàn kò bá rí 32.5 rà, kí ó má ṣe dá iṣẹ́ dúró. Kí ó lo 42.5, kí ó sì jẹ́ kí iyanrìn jẹ́ ìdá 6. Ṣùgbọ́n kí àpò 32.5 tó ṣẹ́kù nídìí ìrẹ́ má ṣe di ohun tí a fi da òpó.

ILẸ̀ OLÓDÌ-ÀPÁPÁ

Ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Olódì-Àpápá àti Ajégúnlẹ̀ rẹlẹ̀, ó sì tutù. Bí a bá gbẹ́lẹ̀ díẹ̀, omi ni a ó bá. Omi ọ̀sà tó ní iyọ̀ kò sì jìnnà. Iyọ̀ kì í pa kọ́nkéré fúnra rẹ̀ bí ó ti ń pa irin inú rẹ̀. Irin tó bá dípẹtà a máa wú, yóò sì fa kọ́nkéré ya láti inú wá. Àmì tí a ó kọ́kọ́ rí ni ìlà sísán tó tẹ̀lé ìdúró irin ní òpó, pẹ̀lú àbàwọ́n pupa.

Fún ìdí èyí, kí a má ṣe fi iyanrìn etí òkun tí a kò fọ̀ da òpó, bí ó ti wù kí owó rẹ̀ dín tó. Kí a bu díẹ̀ sínú ife omi mímu, kí a rò ó, kí a sì tọ́ omi náà wò. Bí ó bá níyọ̀ lẹ́nu, kí a dá a padà. Kí kọ́nkéré tó bo irin nínú ìpìlẹ̀ má ṣe dín sí ínǹṣì 2. Bí omi bá kún ihò ìpìlẹ̀, kí a fa omi náà kúrò kí a tó da kọ́nkéré, nítorí ohun tí a dà sínú omi kò ní ìwọ̀n omi mọ́. Kò sí nọ́ńbà sìmẹ́ǹtì tó lè tún èyí ṣe.

SÌMẸ́ǸTÌ TÓ TI PẸ́

Àwọn àgbà Àpápá kò tíì gbàgbé ọdún 1975. Ìjọba ti ra sìmẹ́ǹtì bíi mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù 20 láti òkè òkun, nígbà tí èbúté Àpápá kò lè gbà ju ìwọ̀nba díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ́dún kan. Ọkọ̀ ojú omi tó lé ní 400 dúró lójú òkun tí wọn kò rí àyè gúnlẹ̀, púpọ̀ nínú ẹrù wọn sì bàjẹ́ nínú ọkọ̀, nítorí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ òkun ti wọ inú rẹ̀.

Ohun kan náà ń ṣẹlẹ̀ ní kékeré nínú ìsọ̀ àti nínú yàrá wa. Sìmẹ́ǹtì tó bá ti lo oṣù 3 ní ibi ọ̀rinrin lè ti pàdánù nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún agbára rẹ̀. Bí ó ti jẹ́ 42.5 nígbà tí ó jáde nílé iṣẹ́, ó lè má ju 34 lọ ní ọjọ́ tí a ń lò ó. Nítorí náà, bí ẹ bá wo nọ́ńbà tán, ẹ wo ọjọ́ tí a ṣe é pẹ̀lú. Ẹ tẹ igun àpò wò. Bí kókó bá wà nínú rẹ̀ tí ó sì fọ́ láàárín ìka méjì, ẹ lè lò ó fún rírẹ́. Bí kókó náà kò bá fọ́, ẹ má ṣe lò ó rárá. Bí ẹ bá gbé sìmẹ́ǹtì délé, ẹ tò ó sórí pákó, kí ó má kan ilẹ̀, kí ó má sì fara ti ògiri.

Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì nípa òpó tí wọ́n ti dà fún un lè lọ sí Ilé Àyẹ̀wò Ohun Èlò Ìkọ́lé ti Ìpínlẹ̀ Èkó. Ibẹ̀ ni a ti lè tẹ kọ́nkéré wò kí a sì mọ agbára rẹ̀. Èyí tó dára jù ni kí a da ọpọ́n kọ́nkéré kéékèèké láti inú àdàlù kan náà ní ọjọ́ tí a ń da òpó, kí a sì kó wọn lọ fún ìdánwò ní ọjọ́ 28. Bí ọ̀kan bá kùnà, ó sàn kí a mọ̀ ọ́n nígbà tí ilé kò tíì ju ìsàlẹ̀ lọ, ju kí a mọ̀ ọ́n lẹ́yìn tí ìdílé mẹ́jọ ti ń sùn lókè rẹ̀.